Nígbà tí «Assessment Invitation» bá tún padà di «Under Review»

Ìbéèrè: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni mo fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìṣirò owó ni. 'Under Review' ni mo ń rí lójú pọ́tàlì wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 22, ó yí padà sí 'Assessment Invitation', ṣùgbọ́n n kò rí ímeèlì kankan gbà. Nígbà tí mo tún wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ 28, 'Under Review' ni mo tún bá níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti já mi sílẹ̀ ni, àbí wọ́n ṣì ń yẹ̀ mí wò? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fagi lé e, kí n sì tún un fi ránṣẹ́ lákọ̀tun.»

Bí àwọn ọjọ́ tí ẹ kọ ṣe tò tẹ̀ léra, ohun tí ó dà bíi pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pè yín sí ìdánwò, gbèdéke ìdánwò náà kọjá láìjẹ́ pé ẹ ṣe é, ètò kọ̀ǹpútà wọn sì dá fáìlì yín padà sí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kí ó wò ó bóyá òun yóò tún yín pè tàbí òun yóò ti ìlẹ̀kùn. A kò tíì kọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ ó fi ọwọ́ lẹ́rán máa wò, nítorí pé ọwọ́ yín ni ìgbésẹ̀ tí ó kàn wà, kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì fagi lé ohunkóhun. N ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni tí ó jókòó sí òdìkejì pọ́tàlì ń rí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ní Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Amẹ́ríkà kì í kọ pọ́tàlì tiwọn fúnra wọn. Wọ́n ń yá a lò lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ta irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni Workday, ẹ ó sì mọ̀ pé òun ni ẹ wà lórí rẹ̀ bí àdírẹ́sì tí ó wà lókè ojú ìwé náà bá ní myworkdayjobs.com nínú. Nínú ètò yìí, ìpele tí òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ń rí pọ̀: Review, Screen, Assessment, Interview, Reference Check, Offer, Background Check, títí dé Ready for Hire. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan èyí tí òun yóò lò nínú wọn, òun náà ni ó sì ń yan gbólóhùn tí ẹni tí ó ń wáṣẹ́ yóò rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Iléeṣẹ́ kan lè ní ìpele mẹ́jọ nínú lọ́hùn-ún, kí ó sì so márùn-ún nínú wọn mọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe «Under Review». Ó dà bí ìgbà tí ẹ lọ bèèrè fáìlì yín ní sẹkitéríàtì ní Adó, tí ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kàn ń sọ fún yín pé «fáìlì yín wà nínú»: òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ tábìlì tí ó wà.

Nítorí náà, «Under Review» tí ẹ rí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ àti «Under Review» tí ẹ rí ní ọjọ́ 28 lè jẹ́ gbólóhùn kan náà lójú yín, kí wọ́n sì jẹ́ ìpele méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lè túmọ̀ sí pé ìwé yín wọlé, pé ẹ yege nínú àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ tí ẹ dáhùn nígbà tí ẹ ń fi í ránṣẹ́, bí i bóyá ẹ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní ìlú wọn tàbí ẹ ó nílò kí iléeṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ físà fún yín, àti pé ìwé náà wà nínú òkìtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó tún lè túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ti kà á, tí ó sì ti tì í sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka tí iṣẹ́ náà wà. Gbólóhùn náà kì í fúnra rẹ̀ yí padà nítorí pé ọjọ́ ti lọ. Ó ń yí padà nígbà tí ẹnìkan bá ti fáìlì yín sí ìpele mìíràn, tàbí nígbà tí òfin tí wọ́n ti tò sínú ètò náà bá ṣẹ. Ní tèmi o, «Under Review» ni gbólóhùn tí ó ní ìtumọ̀ tí ó kéré jù lọ lójú pọ́tàlì, àwọn ènìyàn a sì máa fi í da orí ara wọn rú ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè ti iye ọjọ́ tí ó lò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn yín.

«Assessment Invitation» kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni gbólóhùn tí ó ń sọ fún yín pé iṣẹ́ wà lọ́rùn yín, ó sì máa ń ní gbèdéke. Ẹ má ka ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sí i o. Ní iléeṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ ni ó ń ka ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó yan àwọn tí yóò pè. Ní òmíràn, gbogbo ẹni tí ó bá yege nínú àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni ètò kọ̀ǹpútà ń fi ìdánwò ránṣẹ́ sí, kí ènìyàn kankan tó wo ìwé wọn rárá, pàápàá bí àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ náà bá pọ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá kí ìpè tó dé ọ̀dọ̀ yín mú mi rò pé ènìyàn ni ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń dé láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn dára fún yín díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè yín yóò rántí orúkọ yín bí ẹ bá kọ̀wé sí i.

Kí ló wá dé tí ímeèlì kò fi dé? Ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé iléeṣẹ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ sí kọ́ ni ó fi í ránṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe ìdánwò fún wọn, SHL jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ímeèlì sì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn wá pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ẹ kò rí rí, tí ó sì gbé líǹkì gígùn kan dání. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ya àwòrán ímeèlì tí ẹ̀rọ yóò fura sí, irú rẹ̀ náà ni yóò yà. Inú Spam ni ó máa ń bọ́ sí, tàbí inú Promotions bí Gmail ni ẹ ń lò. Bí Spam bá sì ni ó wọ̀, Gmail ń pa ohun tí ó bá wà níbẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30, ìyẹn ni pé èyí tí ó dé ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá kò ní kọjá ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá níbẹ̀. Ẹ wá a lónìí. Ẹ má fi ojú wá a nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ èyí sí ibi tí a ti ń wá nǹkan lókè Gmail, yóò sì kó gbogbo ohun tí ó dé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn jọ, ti Spam àti ti Trash náà:

```
in:anywhere after:2025/10/21 before:2025/10/30
```

Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wọ inú àkáǹtì yín lórí pọ́tàlì, kí ẹ sì wo àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹ fi sínú fọ́ọ̀mù ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ gmial dípò gmail yóò rí gbogbo nǹkan tí ó bá wà lójú pọ́tàlì, ṣùgbọ́n kò ní rí ímeèlì kankan gbà láéláé. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ímeèlì tí ó jẹ́rìí sí i pé ìwé yín wọlé ní ọjọ́ 6 dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ìyẹn bá dé, àdírẹ́sì yín dára, ọ̀rọ̀ Spam ni kí ẹ gbájú mọ́.

Ẹ tún wo ibi kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Lójú ìwé àkáǹtì yín lórí Workday, ibi tí a kọ My Applications sí kọ́ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, ibi tí a kọ My Tasks sí ni. Bí iléeṣẹ́ bá so ìdánwò mọ́ pọ́tàlì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe máa ń hàn sí. Bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, a jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì ka ọjọ́ tí ó parí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ padà sí My Applications, kí ẹ wo bóyá abẹ́ Active ni ìwé yín wà tàbí abẹ́ Inactive. Èyí ṣe pàtàkì ju gbólóhùn tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ: bí ó bá wà lábẹ́ Active, wọn kò tíì pa á dé, bí ó bá ti bọ́ sí Inactive, ọ̀rọ̀ ti tán lórí iṣẹ́ yìí, ohun yòówù kí gbólóhùn náà máa sọ. Nínú ìlà kan náà ni ẹ óò ti rí nọ́ńbà iṣẹ́ náà, lábẹ́ Job Req. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ óò lò ó láìpẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ yín wo ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́rú ni ọjọ́ 22. Ọjọ́ márùn-ún jẹ́ gbèdéke tí ó wọ́pọ̀ fún irú ìdánwò báyìí, ó sì máa ń parí ní aago 23:59 ti ìlú tí iléeṣẹ́ wà. Bí a bá ka ọjọ́ márùn-ún láti ọjọ́ 22, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27, ni yóò bọ́ sí, ẹ sì rí i pé àárọ̀ ọjọ́ 28 gan-an ni ẹ bá a pé gbólóhùn yín ti yí padà. Ènìyàn kì í sábà ti fáìlì kiri kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ṣe sọ pé gbèdéke ni ó kọjá. Ohun kan tún wà nínú ọjọ́ wọ̀nyí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti Èkìtì fi sọ́kàn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago wa bára mu. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, wọ́n a dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 26 ni. Nítorí náà, aago 23:59 ti ọjọ́ 27 ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ aago 00:59 òru ọjọ́ 28 ní Ìkẹ́rẹ́. Wákàtí kan tí ó lé yìí ṣe yín ní àǹfààní, nítorí pé tiwa ni ó wà níwájú. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹta bá ń parí tí wọ́n tún ti aago síwájú, ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa fi wákàtí kan kún un yóò pẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí n ṣì í o, ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó tẹ ìpè náà láìmọ̀ọ́mọ̀ tí ó sì dá a padà, tàbí kí iléeṣẹ́ pinnu láti má lo ìdánwò mọ́ fún iṣẹ́ náà. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ímeèlì ìdánwò níbikíbi, àní nínú Spam pàápàá. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, lẹ́tà kan náà ni yóò là á.

Ẹ kọ lẹ́tà náà sí òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ iléeṣẹ́ náà, ẹ má kọ ọ́ sí àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú no-reply, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í ka ohun tí ó bá wọ ibẹ̀. Àdírẹ́sì tí ó tọ́ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìpolówó iṣẹ́ náà tàbí nísàlẹ̀ ímeèlì tí ó jẹ́rìí sí i pé ìwé yín wọlé. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà kúrú. Ẹ kọ orúkọ yín bí ó ti wà nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà Job Req rẹ̀ sí ojú àkọlé ímeèlì. Nínú rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ rí «Assessment Invitation» lójú pọ́tàlì ní ọjọ́ 22, pé ímeèlì ìdánwò kò dé ọ̀dọ̀ yín tàbí pé inú Spam ni ẹ ti rí i lẹ́yìn gbèdéke, èyí tí ó bá jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, pé ẹ ti wo àdírẹ́sì ímeèlì yín tí ó sì tọ́, kí ẹ wá bèèrè bóyá wọ́n lè tún líǹkì náà fi ránṣẹ́. Ẹ so àwòrán ojú pọ́tàlì tí ó fi gbólóhùn ọjọ́ 22 hàn mọ́ ọn, bí ẹ bá ya á. Ẹ má sọ ìtàn bí iná ṣe lọ tàbí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe rí, bí kì í bá ṣe pé òun gan-an ni ó fa á. Òṣìṣẹ́ yẹn lè ní ọgọ́rùn-ún ìwé lọ́wọ́; ohun tí ó ń wá nínú lẹ́tà yín ni nọ́ńbà iṣẹ́ àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí ó tẹ̀. Ṣíṣí ìdánwò padà kò gbà á ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń ṣe é bí wọn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mìíràn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè kọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ kọ ọ́ lónìí.

Ní ti ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ Withdraw Application. Lórí ọ̀pọ̀ irú pọ́tàlì báyìí, ẹni tí ó bá ti yọ ara rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́ kan kì í lè tún ìwé fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà iṣẹ́ kan náà. Ètò náà yóò sọ fún un pé ó ti wá iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ gbà á, ìwé náà yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkìtì. Àwọn mìíràn a fi ímeèlì kejì ṣí àkáǹtì tuntun. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìwé kan náà ni yóò wà nínú méjèèjì, ètò náà lè fi wọ́n hàn fún òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan tí ó fi ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ sá fún ẹni tí ó bá sọ pé òun lè bá yín yí gbólóhùn ojú pọ́tàlì padà bí ẹ bá san owó. Kò sí iléeṣẹ́ gidi tí í gba owó ìdánwò lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wáṣẹ́. Bí ímeèlì ìdánwò bá dé tí ó sì rú yín lójú, ẹ má tẹ líǹkì inú rẹ̀. Ẹ fúnra yín kọ àdírẹ́sì pọ́tàlì, ẹ wọlé, kí ẹ sì wò ó bóyá gbólóhùn ibẹ̀ bá a mu.

Bí wọ́n bá ṣí i padà, ẹ wá kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kún, ẹ má fi fóònù ṣe é, nítorí pé tábìlì iye owó àti àwòrán ìlà tí wọ́n máa ń bèèrè nínú ìdánwò ìṣirò kì í hàn tán lójú fóònù. Ẹ gbé fóònù kan sí ẹ̀gbẹ́ fún íńtánẹ́ẹ̀tì bí ti ilé bá já. Ìbéèrè ìdánrawò tí ó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ kò ní máàkì, ẹ ṣe é débi tí ó bá yé yín. Ìgbà tí ẹ bá tẹ Start fún ìdánwò gan-an ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ìdánwò kan ń jẹ́ kí ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì já fún padà sí ibi tí ó dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dá aago dúró dè é. Nítorí náà, bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, ẹ wọlé padà kíá, kí ẹ parí rẹ̀, kí ẹ tó kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí rẹ̀, gbólóhùn yín yóò ṣeé ṣe kó tún padà sí «Under Review» lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà yẹn, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé èsì ìdánwò ti wọlé, ẹnìkan sì ní láti fi wé ti àwọn yòókù. Ó lè pẹ́, nítorí pé wọ́n sábà máa ń dúró títí gbogbo ẹni tí wọ́n pè yóò fi ṣe tiwọn. Bí ẹ bá rí i pé ìpolówó iṣẹ́ náà ti kúrò lójú ìwé wọn ní àkókò yìí, ìyẹn ń sọ pé wọn kò gba ìwé tuntun mọ́. Kò sọ ohunkóhun nípa èyí tí ó ti wà nínú, níwọ̀n ìgbà tí tiyín bá ṣì wà lábẹ́ Active. Gbólóhùn tí ó ń sọ pé ó ti tán kì í fi ara pamọ́: «No Longer Under Consideration» ni wọ́n sábà máa ń kọ, ìwé náà yóò sì bọ́ sí Inactive. Ẹ lè máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa wo Spam lójoojúmọ́, nítorí pé inú ímeèlì ni ìpè sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa gbà dé, kì í ṣe lójú pọ́tàlì.